Ẹni tó kọ ọ́ kọ́ ló máa fọwọ́ sí i

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àtàwọn tó ní ilé-iṣẹ́ kéékèèké sọ ni mo tún tò síbí, torí àwọn kan ò ráyè wá, àwọn tó wá náà sì ní mo yára sọ̀rọ̀ jù. Ọ́dítọ̀ ni mí. Iṣẹ́ tí wọn kì í tìtorí ẹ̀ fi ẹran kún ti èèyàn lọ́jọ́ tí ọ́fíìsì bá ń ṣàríyá nìyẹn, ẹ máa bá mi fara dà á.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ìlú kan tó ń jẹ́ Dixon, ní ìpínlẹ̀ Illinois l'Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré ni, àwọn ará ibẹ̀ ò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rita Crundwell ni akápò ìlú náà láti 1983, òun náà ló ń bójú tó ìwé ìṣirò owó, gbogbo èèyàn sì fọkàn tán an pátápátá. Ní December 18, 1990, ó lọ ṣí àkáǹtì kan ní báǹkì, ó fi orúkọ ìlú sí i, ó sì kọ RSCDA mọ́ ọn, lẹ́tà márùn-ún tí ẹni tó bá rí i á rò pé owó iṣẹ́ ìjọba kan ni. Òun nìkan ló ń lo àkáǹtì yẹn.

Báwo ló ṣe ń kó owó? Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí kò le rárá, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn. Á kó owó ìlú láti àwọn àkáǹtì tó kù wá sínú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú owó iṣẹ́ ńláńlá, á wá kọ sọ̀wédowó látinú ẹ̀. Ibi tó yẹ kó kọ orúkọ ẹni tó máa gba owó sí, "Akápò" ló máa ń kọ síbẹ̀. Kò kọ orúkọ èèyàn kankan o, akápò lásán. Òun sì ni akápò. Á gbé sọ̀wédowó yẹn lọ sínú RSCDA, ó parí. Tí ọ́dítọ̀ bá dé, á gbé ínfọ́ìsì tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe jáde pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní kí ìlú san owó báyìí báyìí fún iṣẹ́ kan. Tí owó ìlú bá wá ń fà, tí wọn ò rí owó tún ọ̀nà ṣe, á ní ìjọba ìpínlẹ̀ ni ò tètè san tiwọn wá, wọ́n á sì gbà á gbọ́, torí òun ló mọ̀ nípa owó.

Ó lé lógún ọdún tó fi ṣe é. Mílíọ̀nù 53.7 dọ́là. Ó fi sin ẹṣin, ẹṣin olówó ńlá bíi 400, ó ń kó wọn lọ sí ìdíje káàkiri.

Bí àṣírí ṣe wá tú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Ní 2011 ó gba ìsinmi gígùn, akọ̀wé ìlú, Kathe Swanson, wá ń bá a mójú tó iṣẹ́ ẹ̀. Ìyẹn kàn ní kí báǹkì fi sítétíméǹtì gbogbo àkáǹtì ìlú ránṣẹ́ sóun. Báǹkì náà ò mọ nǹkan tó ń lọ, wọ́n fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ lóòótọ́, ni RSCDA bá wà nínú ẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti kọjá, Crundwell fúnra ẹ̀ ló ń gba lẹ́tà ìlú, tí kò bá sì sí nílé, á ti ní kí ẹlòmíì ya tòun sọ́tọ̀ de òun. Swanson gbé e lọ bá méyọ̀, méyọ̀ gbé e lọ bá FBI, April 17, 2012 ni wọ́n wá mú un, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 19 àti oṣù 7 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi kà á. Ta ló ń pinnu pé kí owó jáde? Òun ni. Ta ló ń kọ sọ̀wédowó? Òun ni. Ta ló ń kọ ọ́ sínú ìwé? Òun ni. Ta ló ń gba sítétíméǹtì tó máa tú u fó? Òun náà ni. Kò sí ọgbọ́n àrà kankan níbẹ̀, kò já sínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tó yẹ kí èèyàn mẹ́rin máa ṣe ni wọ́n kó lé ẹnì kan lọ́wọ́, nítorí pé ó mọṣẹ́, nítorí pé ó máa ń yá.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé ayé sọ̀wédowó ti kọjá. Òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ń lo pẹpẹ báǹkì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń ṣe fún ilé-iṣẹ́, tí kì í ṣe ti orí fóònù tí a fi ń ra káàdì. Lórí ẹ̀, ẹnì kan máa kọ owó náà sílẹ̀: ẹni tá a fẹ́ san án fún, nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀, iye ẹ̀. Owó ò tíì kúrò o. Á lọ dúró sójú ẹnì kejì, ìyẹn á wò ó, á tẹ nọ́ńbà tó bá jáde lójú tókìnì ẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí báǹkì fún un, ìgbà yẹn lowó tó lọ. Àwọn ará báǹkì ń pe ti àkọ́kọ́ ní méékà, wọ́n ń pe èkejì ní ṣẹ́kà. Tí wọ́n bá tò ó dáadáa, pẹpẹ yẹn ò ní gbà kí orúkọ kan náà kọ owó kó tún fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ, orúkọ ni mo pè é. Kọ̀ǹpútà ò mọ èèyàn, orúkọ àti páásìwọ́ọ̀dù ló mọ̀. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá wá síbí wà.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, Alájì kan pè mí. Wọ́n ń ta nǹkan ìkọ́lé, mi ò ní dárúkọ wọn. Alájì ní òun ò fura sí ẹnikẹ́ni o, ó kàn jẹ́ pé ọjà ń tà ṣùgbọ́n owó ò dúró. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń sanwó. Wọ́n ní akáńtáǹtì ló ń kọ ọ́, Alájì ló ń fọwọ́ sí i, tó bá sì ti kọjá ₦500,000, ìyàwó Alájì náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, torí dáírẹ́kítọ̀ lòun náà. Mo ní ó dáa, ètò yín dáa ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Mo wá ní kí wọ́n bá mi wa àkọsílẹ̀ oṣù méje jáde látorí pẹpẹ báǹkì, èyí tó ń fi ẹni tó kọ owó, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti aago tí oníkálukú ṣe tiẹ̀ hàn. Àwọn mìíì ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín, wọ́n á fi hàn yín, ẹ lè gbé e sínú Ẹ́kísẹ́ẹ̀lì lórí kọ̀ǹpútà.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí gbogbo ọ́dítọ̀ máa ń wò ni bóyá orúkọ kan náà wà níhà méjèèjì. Tí ẹni tó kọ ọ́ bá wà ní òpó B, tí ẹni tó fọwọ́ sí i wà ní òpó C:

```
=B2=C2
```

Gbogbo ẹ̀ ló ní rárá, kò sí ẹyọ kan tó bára mu. Ẹlòmíì á ti palẹ̀ mọ́ kó máa lọ ilé níbẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìròyìn pé ètò ń ṣiṣẹ́. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo kéré nídìí iṣẹ́ yìí, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ìbéèrè kejì ló níyì, ìyẹn pé ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló wà láàárín kíkọ àti fífọwọ́ sí. Tí ọjọ́ àti aago kíkọ bá wà ní òpó D, tí ti fífọwọ́ sí wà ní òpó E:

```
=(E2-D2)*86400
```

Nǹkan tí mo rí rèé. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, wákàtí kan, wákàtí mẹ́ta, nígbà míì dọjọ́ kejì, kí Alájì tó fọwọ́ sí i. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, èèyàn wà lójú ọ̀nà, ó wà níbi ìsìnkú, ó ń jẹun. Láti oṣù kẹta lọ, 38. 41. 35. 44. Ìṣẹ́jú àáyá o, kò tó ìṣẹ́jú kan. Ta ló ń jókòó ti fóònù bẹ́ẹ̀? Mo wá béèrè lọ́wọ́ Alájì bóyá ó rántí ọjọ́ kan tí kò sí ní ìlú. Ó ní òun lọ Àbújá ní ọjọ́ báyìí, ó mú tíkẹ́ẹ̀tì bàálù jáde. Bàálù gbéra ní aago méjì kọjá díẹ̀. Lójú pẹpẹ báǹkì, Alájì fọwọ́ sí owó méjì ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sí nílẹ̀.

Alájì kàn wò mí. Ó wá ní, "Tókìnì mi wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni." Ó ní akáńtáǹtì ń pè é ṣáá lójoojúmọ́ pé àwọn tó fẹ́ gba owó ń dúró, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fọwọ́ sí i, ló bá kúkú kó tókìnì àti páásìwọ́ọ̀dù fún un kí ìyẹn lè sinmi ariwo. Dírọ́ọ̀ akáńtáǹtì ló wà, wọ́n fi rọ́bà dì í pọ̀ mọ́ tiẹ̀, tókìnì méjì bí ìbejì.

Owó méjì ọjọ́ Àbújá yẹn wá ńkọ́? ₦420,000 àti ₦420,000, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ sí i. Ínfọ́ìsì wà ní fáìlì, lítà 700, ₦1,200 lítà kan, ₦840,000 lápapọ̀. Tí wọ́n bá kọ ₦840,000 lẹ́ẹ̀kan, ó máa lọ sọ́dọ̀ ìyàwó Alájì, tókìnì tìyẹn sì wà nílé nínú báàgì ẹ̀. Ni wọ́n bá là á sí méjì. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé lọ wo jẹnẹrétọ̀. Táńkì ẹ̀, lítà 500 ló ń gbà tó bá gbẹ táútáú. Wọn ò sì ní dúrọ́ọ̀mù kankan níbẹ̀. Níbo ni wọ́n da lítà 200 tó kù sí, sínú bàtà? Ìgbà 11 ni irú ẹ̀ wáyé láàárín oṣù márùn-ún, ₦9,240,000.

Ẹ tún wo ibi tí owó yẹn lọ. Ẹni tó ń ta dísẹ́ẹ̀lì fún wọn gan-an ti wà lórí pẹpẹ báǹkì tipẹ́. Akáńtáǹtì fi èkejì sí i, orúkọ tó fún un níbẹ̀ jọ ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àkáǹtì àna ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá àkáǹtì kan sórí pẹpẹ, báǹkì máa ń gbé orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì gan-an wá. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sí i á rí i níbẹ̀ kedere, tó bá jẹ́ pé ojú ẹlòmíì ló ń wò ó. Ẹ wá ní ṣé álàátì ò wọlé sórí fóònù Alájì ni? Ó wọlé. Dísẹ́ẹ̀lì, ₦420,000, ẹ̀ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Alájì ní òun rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló rán álàátì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe.

Nǹkan tá a tún ṣe níbẹ̀ ò pọ̀. Àkọ́kọ́, tókìnì padà sọ́wọ́ ẹni tó ni ín, wọ́n sì pààrọ̀ páásìwọ́ọ̀dù. Alájì ní òun ò ní lè máa fọwọ́ sí nǹkan ní gbogbo ìgbà, mo ní kò pọn dandan, ẹ mú aago méjì lójúmọ́, mọ́kànlá àárọ̀ àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹni tó bá fẹ́ gba owó kó dúró de ìgbà yẹn. Ariwo "ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń dúró" ló bí gbogbo ìjàǹbá yìí, kò tún sí nǹkan míì. Ìkejì, akáńtáǹtì ò tún lè fi orúkọ ẹni tuntun sórí pẹpẹ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè pààrọ̀ nọ́ńbà àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló ń ṣe ìyẹn, ìyàwó Alájì sì ń fọwọ́ sí i, lẹ́yìn tó bá ti pe ẹni tí wọ́n fẹ́ máa san owó fún lórí nọ́ńbà tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà lórí ínfọ́ìsì tuntun. Èmi gbà pé ìkejì yìí ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí owó tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tó tọ́, bí wọ́n tiẹ̀ fi kún un, èèyàn á rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti wọ àkáǹtì àna, ó di kí wọ́n máa wá àna kiri.

Ohun kan tún wà tó fẹ́ẹ̀ yọ́ bọ́ lójú mi. Orúkọ akáńtáǹtì yẹn ni wọ́n fi ṣe alákòóso pẹpẹ, ẹni tó lè dá òṣìṣẹ́ tuntun sílẹ̀ níbẹ̀, tó lè fún un ní agbára láti fọwọ́ sí owó. Nígbà tí wọ́n ń ṣí i, Alájì ní òun ò mọ kọ̀ǹpútà, ẹ fi sọ́dọ̀ akáńtáǹtì. Ẹni tó ń kọ owó tó tún lè dá ẹni tó máa fọwọ́ sí i sílẹ̀, ṣé ẹ rí i pé kò nílò tókìnì Alájì rárá? Á kàn dá ẹnì kan tí kò sí láyé sílẹ̀, á fún un ní orúkọ. Kò débẹ̀, torí ti dírọ́ọ̀ yá jù. Ẹ̀yin náà ẹ padà sílé, ẹ lọ wo orúkọ gbogbo tó wà lórí pẹpẹ yín, kẹ́ ẹ béèrè ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Mo ti rí ibi tí òṣìṣẹ́ ti kúrò láti ọdún méjì tí orúkọ ẹ̀ ṣì ń fọwọ́ sí owó.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé tí èèyàn méjì bá ti wà nídìí ẹ̀ tán, ó tán. Tí méjèèjì bá mọwọ́ ara wọn, kò sí nǹkan tí ètò yìí lè ṣe, ó kàn jẹ́ kó le sí i ni. Ó tún lè jẹ́ pé kò sí olè níbẹ̀ rárá tí owó á ṣì lọ. August 2020, Citibank fẹ́ san èlé lórí owó tí ilé-iṣẹ́ Revlon yá, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ dọ́là. Èèyàn mẹ́ta ló wà nídìí ẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó fọwọ́ sí i. Wọ́n fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 900 dọ́là ránṣẹ́ sáwọn tó yá Revlon lówó. Pẹpẹ wọn ní àpótí mẹ́ta tó yẹ kí wọ́n kún kí ojú owó tí wọ́n yá má bàa jáde lọ, `PRINCIPAL`, `FRONT` àti `FUND`, ọ̀kan nìkan ni wọ́n kún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rò pé ìyẹn tó. Àwọn kan lára àwọn tó gba owó náà dá a padà, àwọn kan ní àwọn ò dá a, ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá wọn láre ní 2021, kí ti kòtẹ́milọ́rùn tó yí i padà ní 2022.

Kí ló fà á? Ojú mẹ́ta ló wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú pátákó kan náà ni gbogbo wọn ń wò, pẹ̀lú èrò kan náà. Ẹni tó máa fọwọ́ sí owó, kò yẹ kó jẹ́ nǹkan tí méékà kọ nìkan lá máa wò. Ínfọ́ìsì ló yẹ kó wà níwájú ẹ̀, àti ìwé tẹ́ni tó gba ọjà buwọ́ lù pé ó wọlé. Kó fi owó ínfọ́ìsì wé owó ojú pẹpẹ, kó fi orúkọ tí báǹkì gbé wá wé orúkọ orí ínfọ́ìsì. Dísẹ́ẹ̀lì Alájì, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìwé ẹni tó wà nídìí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ ò bá má dé ìgbà kejì.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, màmá kan dìde, akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, èmi, alága àti akọ̀wé, àwa mẹ́ta la wà. Alága ti ń ṣàìsàn láti oṣù tó kọjá. Ṣé kí ọmọ ẹgbẹ́ má gba owó ìwé ọmọ ẹ̀ ni?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, inú mi dùn sí i.

Mo ní màmá, kí ẹ má gba tókìnì alága o, bí wọ́n bá tiẹ̀ fún yín. Ẹ pe ìpàdé, kẹ́ ẹ yan ẹlòmíì tó máa di ipò wọn mú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, kí báǹkì fún ẹni náà ní tókìnì tiẹ̀, tí ọjọ́ náà bá pé kí wọ́n gbà á. Ẹni náà ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ owó. Bí kò bá sì sí ẹnì kankan, kí akọ̀wé máa fọwọ́ sí i, kí ẹnì kan tí kì í ṣe olóyè rárá, ọmọ ẹgbẹ́ lásán, máa gba sítétíméǹtì ní tààrà láti báǹkì lóṣooṣù, kó máa fi wé ìwé yín.

Wọ́n ní, "Ọmọ ẹgbẹ́ lásán kẹ̀? Tó bá wá ń sọ ọ́ kiri ńkọ́?"

Mo ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ kiri, màmá. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n ń kọ nǹkan sẹ́yìn ìwé ètò.